Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lórí kẹ̀kẹ́ Márúwá: ẹni tó ń gbà, àti ẹni tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ọjà Òkè-Ajé n'Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń tajà. Mo yá owó ní kọpuréétìfù, mo fi ra kẹ̀kẹ́ Márúwá fún ọmọkùnrin kan, ó ń san owó rẹ̀ fún mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló lọ kọlu mọ́tò kan lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Èrò tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, òun náà fara pa, iwájú kẹ̀kẹ́ sì wó. Mo ní ìwé ìnṣọ́ránsì, ₦5,000 ni mo san. Àwọn èèyàn ní kò lè ṣe nǹkan kan fún mi. Kí wá ni mo sanwó fún?*

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, màmá. Ká dúpẹ́ pé kò sí ẹni tó kú. Kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn gbọ́, ẹ jẹ́ ká tú ìjàm̀bá yẹn wò, torí ó ju àdánù kan lọ. Mọ́tò onímọ́tò bàjẹ́, ẹsẹ̀ èrò ṣẹ́, ọmọ tó wa kẹ̀kẹ́ fara pa, kẹ̀kẹ́ yín wó, owó ọ̀sẹ̀ sì dúró. Nínú máràárùn-ún, méjì àkọ́kọ́ nìkan ni ìwé tó wà lọ́wọ́ yín mọ̀. Ẹni tó bá ní kò wúlò rárá ò sọ òótọ́, ẹni tó bá sì tà á fún yín bíi pé ó bo gbogbo rẹ̀, ìyẹn náà ò sọ òótọ́.

Táàdì-patì ni ohun tí ẹ rà. Ẹ̀yin ni ẹni kìíní, iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ni ẹni kejì, ẹni kẹta ni ẹnikẹ́ni lóde tí kẹ̀kẹ́ yín bá ṣe léṣe tàbí tó ba nǹkan rẹ̀ jẹ́. Gbèsè tí kẹ̀kẹ́ bá kó yín sí lọ́dọ̀ ẹni kẹta yìí ni iléeṣẹ́ gbà pé àwọn á bá yín san. Wọn ò bá kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ dá májẹ̀mú kankan, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò bá ẹni tó ń wà á dá. Ìdí tí owó rẹ̀ fi kéré nìyẹn. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàmójútó ìnṣọ́ránsì, NAICOM, ló là á sílẹ̀ pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2023, ₦5,000 ni táàdì-patì kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ́dún, ₦3,000 ni ti ọ̀kadà. Tí kẹ̀kẹ́ bá ba nǹkan ìní ẹlòmíràn jẹ́, ibi tí owó ìtúnṣe lè dé ni ₦2,000,000; ti ọ̀kadà ò kọjá ₦1,000,000. Ní ti ẹni tó fara pa tàbí tó kú, ìwé táàdì-patì kì í sábà fi ààlà sí owó rẹ̀.

Ẹ ò kọ iye tí nǹkan bàjẹ́ tó, nítorí náà màá lo iye tó wọ́pọ̀ lójú mi. Ká ní panẹ́ẹ̀bítà ní ₦420,000 ni báńpà, iná iwájú àti ọ̀dà mọ́tò yẹn máa jẹ. Kò tó mílíọ̀nù méjì, nítorí náà odindi rẹ̀ wà nínú ohun tí iléeṣẹ́ lè san, tí ẹ̀bi bá ti jẹ́ ti kẹ̀kẹ́. Onímọ́tò máa kó fọ́tò, èsìtíméètì mẹkáníìkì àti rìpọ́ọ̀tù ọlọ́pàá wá, iléeṣẹ́ á rán ẹni tó máa wo mọ́tò náà, wọ́n á sì san án fún un. Apá yìí kì í fa wàhálà púpọ̀. Ẹsẹ̀ èrò yẹn ni ká jókòó tì.

Òfin táàdì-patì, tó bẹ̀rẹ̀ láti ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, sọ ọ́ di dandan pé ọkọ̀ tó bá ń gbé èrò gbowó gbọ́dọ̀ ní ìnṣọ́ránsì tó bo èrò inú rẹ̀. Ọkọ̀ tí èèyàn fi ń gbé ara rẹ̀ kiri lásán kò ní irú dandan yẹn. Ọ̀nà méjì nìyẹn, ìwé méjì ni, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ àti ọlọ́kadà wa ti ń kó sí kòtò láìmọ̀. Lórí sátífíkéètì yín, ìlà kan wà tó sọ ohun tí wọ́n gbà kí ẹ máa fi kẹ̀kẹ́ ṣe. Ẹ wá a. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹ fún ọmọ yín kan tó kàwé kó kà á sí yín létí. Tí ẹ bá gbọ́ pé fún ìgbádùn àti ìrìn àjò tara ẹni ni, tàbí pé kò gba "háyà ọ̀ rìwọ́ọ̀dù", ìyẹn gbígbé èrò gbowó, a jẹ́ pé wọ́n kọ kẹ̀kẹ́ yín sílẹ̀ bíi ti ẹni tó kàn fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Ọjọ́ tó bá ti gbé èrò, ó ti jáde kúrò nínú àdéhùn nìyẹn. Mo ti rí kíléèmù tí gbogbo ìwé rẹ̀ pé, tí ẹni tó fara pa wà ní bẹ́ẹ̀dì, tí ìlà kan ṣoṣo yìí sì dí i lọ́nà.

Kì í sábà jẹ́ ẹ̀bi ẹni tó ra ìwé. Àwọn tó ń ṣe páátíkúlà fún wa máa ń kọ ọ́ kíákíá: wọ́n á gba orúkọ, nọ́ńbà ọkọ̀ àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, wọn ò ní bi yín ní iṣẹ́ tí kẹ̀kẹ́ ń ṣe. Àwọn mìíràn tiẹ̀ máa ń kọ kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ bí ọ̀kadà kí wọ́n lè yọ ₦2,000 nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ wo irú ọkọ̀ tí wọ́n kọ, ẹ wo orúkọ tó wà níbẹ̀, kí ẹ wá wo iṣẹ́ tí wọ́n kọ pé ó ń ṣe.

Tí ìlà yẹn bá dára, ọ̀rọ̀ tún kù. Ẹ sọ pé ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ ni èrò yẹn jókòó sí. Èèyàn mẹ́ta ni ìjókòó ẹ̀yìn gbà, ìyẹn ni wọ́n sì máa ń kọ sínú ìwé. Ẹni kẹrin tó fi apá kan ìdí jókòó níwájú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta, kò sí nínú iye tí iléeṣẹ́ gbà. Gbogbo wa la mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń gbé e nìyẹn láti Fọlágbadé títí dé Ìmọ̀wò, pàápàá láàárọ̀ tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni bí iléeṣẹ́ ṣe máa lò ó. Wọ́n lè ní àwọn ò san rárá. Wọ́n sì lè san fún ẹni tó fara pa nítorí pé òfin fi dandan mú wọn, kí wọ́n wá padà wá bá yín pé ẹ̀yin lẹ rú àdéhùn, ẹ dá owó àwọn padà. Agbára yẹn wà nínú ìwé àdéhùn mọ́tò, àmọ́ kò sí lórí sátífíkéètì péńpé tí wọ́n ń fún wa. Ẹ béèrè odindi ìwé náà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Ohun kejì nípa ẹsẹ̀ yẹn ni ibi tí wọ́n ti tọ́jú rẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ níbí, tí eegun bá ti ṣẹ́, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń to eegun nílé ni ẹbí kọ́kọ́ máa ń gbé e lọ. Èmi ò ní sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ wọn láìdáa, mo mọ ẹni tí wọ́n ti bá tò ó. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì á béèrè fọ́tò eegun, ìwé dókítà àti rìsíìtì. Ẹni tó na ₦150,000 lọ́dọ̀ onísègùn tí kò ní rìsíìtì ò ní nǹkan tó máa fi hàn. Tí ẹbí bá fẹ́ gbé e lọ síbẹ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ ya fọ́tò eegun ní ọsibítù, ì báà jẹ́ ti ìjọba n'Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣágámù, kí dókítà sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ìwé ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn ló máa fi hàn pé ìjàm̀bá yín ló ṣẹ́ ẹsẹ̀ náà.

Màmá, ẹ jẹ́ kí n béèrè ohun kan tí ẹ ò kọ. Kí ni ọmọ yẹn sọ níbi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀, kí ló sì fọwọ́ sí ní tẹ́ṣàn? Ìbéèrè yìí ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí ìwà ọmọlúàbí wa ló ń kó wa sí i. Tí kẹ̀kẹ́ bá kọlu mọ́tò, àgbà kan á dé, á ní ẹ jẹ́ ká yanjú ẹ̀ níbí, ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ á dọ̀bálẹ̀, á ní "ẹ̀bi mi ni, ẹ má bínú, màá tún un ṣe". Ní tẹ́ṣàn wọ́n á ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun á san ₦420,000 láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ á sì fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí onídùúró. Lójú tiwa, ìjà parí. Lójú iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, ẹ ti lọ ṣe ohun tí àdéhùn sọ pé ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe: ẹ gba ẹ̀bi, ẹ sì ṣèlérí owó láìjẹ́ kí àwọn mọ̀. Ìlà yìí wà nínú ìwé àdéhùn mọ́tò, ó sì nídìí. Àwọn ló máa sanwó, nítorí náà àwọn ló fẹ́ mọ ẹni tó jẹ̀bi àti iye tó tọ́. Ẹni tó bá sì ti san án látọwọ́ ara rẹ̀ tán, tó wá gbé rìsíìtì lọ fún wọn, ó máa ń ṣòro kó tó rí kọ́bọ̀ gbà padà.

Kò sí ẹni tó ní kí ọmọ yín má bẹ èèyàn. Kó gbé ẹni tó fara pa lọ sí ọsibítù, kó bá onímọ́tò kẹ́dùn, kó fún un ní nọ́ńbà rẹ̀ àti orúkọ iléeṣẹ́ tó wà lórí ìwé, kó ní "a ní ìnṣọ́ránsì, a máa fi tó wọn létí lónìí". Ọ̀rọ̀ yẹn tó. Tí ó bá ti fọwọ́ sí nǹkan, ẹ má fi pa mọ́ fún iléeṣẹ́. Ẹ fún wọn ní ẹ̀dà rẹ̀, ẹ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ohun tí a fi pa mọ́ tí wọ́n wá fúnra wọn rí máa ń ba gbogbo kíléèmù jẹ́.

Ó wá ku ọmọ tó wa kẹ̀kẹ́. Ó dùn mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n òun kì í ṣe ẹni kẹta. Ọwọ́ rẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ wà, ohun tó sì ṣe é kò sí nínú táàdì-patì rárá, ì báà jẹ́ ẹ̀bi rẹ̀ tàbí kò jẹ́. Tíkẹ́ẹ̀tì tí ó ń já lójoojúmọ́ ní gáréèjì kì í ṣe ìnṣọ́ránsì. Owó ẹgbẹ́ ni. Tí ẹgbẹ́ bá dá nǹkan jọ fún un, oore ni, kì í ṣe àdéhùn. Ìnṣọ́ránsì tó yẹ irú rẹ̀ ni ti ìjàm̀bá ara ẹni, tó ń san owó kan pàtó tí èèyàn bá kú tàbí tí ẹ̀yà ara rẹ̀ kan bá lọ títí láé, pẹ̀lú owó ìtọ́jú tí kì í pọ̀. Ẹnì kan lè rà á, ẹgbẹ́ náà sì lè rà á lápapọ̀.

Àmọ́ kí àwọn ọlọ́kadà tó ń ka èyí fi etí sílẹ̀ dáadáa. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìjàm̀bá ara ẹni, láàárín àwọn ohun tí wọ́n yọ sílẹ̀, bí ìjà, ọtí mímu àti pípa ara ẹni, ẹ máa rí gígun alùpùpù níbẹ̀, yálà ẹ̀yin lẹ ń wà á tàbí ẹ jókòó sẹ́yìn. Ẹni tó ń fi ọ̀kadà jẹun lè máa san irú owó yìí fún ọdún mẹ́ta, kó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni wọ́n yọ kúrò. Kí ẹ tó sanwó, ẹ sọ fún wọn pé ọlọ́kadà ni yín, ẹ ní kí wọ́n yọ ìlà yẹn, kí wọ́n sì fún yín ní ìwé àfikún, tí àwọn ń pè ní ẹ́ńdọ́ọ̀sìmẹ́ǹtì, tó sọ pé àwọn ti yọ ọ́. Owó lè gòkè díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ejẹ́ńtì pé "kò séwu" ò tó.

Kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ká ní ìtúnṣe iwájú rẹ̀ á jẹ ₦310,000. Ọwọ́ yín ni ìyẹn wà, àti owó ọ̀sẹ̀ tí kò ní wọlé títí wọ́n á fi tún un ṣe tán. Èyí tó ń bo kẹ̀kẹ́ ni kọ́mpírìhẹ́ńsìfù, NAICOM sì ní owó rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín sí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀. Lórí kẹ̀kẹ́ ₦3,000,000, ₦150,000 lọ́dún nìyẹn. Kì í ṣe gbogbo iléeṣẹ́ ló ń fẹ́ tà á fún kẹ̀kẹ́ akérò. Èyí tó bá tà á fún yín, kò ní san owó ọ̀sẹ̀ tó dúró, kò ní san ẹ́ńjìnnì tó gbó tàbí táyà tó jẹ, yóò sì yọ iye kan tí ẹ̀yin fúnra yín máa kọ́kọ́ gbé nínú gbogbo ìtúnṣe. Tí kẹ̀kẹ́ bá sọnù lẹ́yìn ọdún méjì tí iye rẹ̀ lọ́jà ti dín sí ₦1,800,000, ₦1,800,000 ni wọ́n máa wò, kì í ṣe iye tí ẹ rà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé kẹ̀kẹ́ fún ẹlòmíràn lórí owó ọ̀sẹ̀, àyọkúrò kan wà tó jẹ́ tiyín gan-an. Tí ọlọ́ṣà bá yọ ìbọn sí ọmọ yẹn lóru lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó, tó gba kẹ̀kẹ́ lọ, olè ni, kọ́mpírìhẹ́ńsìfù á gbọ́. Ṣùgbọ́n tí ọmọ yẹn fúnra rẹ̀ bá wa kẹ̀kẹ́ lọ sí Èkó, tó pa fóònù, tó tà á, iléeṣẹ́ á ní kì í ṣe olè. Wọ́n á ní ẹ̀yin lẹ fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, ó sì da yín. Bẹ́ẹ̀, ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà yín jù nìyẹn. Ohun tó ń dènà rẹ̀ ni onídùúró gidi tí ẹ mọ ilé rẹ̀, àdéhùn tí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí, àti ẹ̀rọ atọpa tí wọ́n tọ́jú sínú kẹ̀kẹ́. Tí àwọn mẹ́ta yìí ò bá sí, èmi ò ní ní kí ẹ san ₦150,000 torí kí wọ́n má bàa jí i.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ohun tó wà nílẹ̀. Lónìí, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ìwé yín wà láàyè: ẹ tẹ nọ́ńbà kẹ̀kẹ́ sí askniid.org, tàbí kí ẹ lo *565*11# lórí fóònù. Ibẹ̀ ni àwọn iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ń kó orúkọ gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n gbà sí. Tí nọ́ńbà yín kò bá sí níbẹ̀, ẹ gbé ìwé lọ bá ẹni tó ṣe é fún yín, kó fi rìsíìtì hàn yín pé owó dé iléeṣẹ́. Ìwé tí owó rẹ̀ kò dé ilé kò bo ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó dán tó.

Tó bá wà níbẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ kí ọ̀la tó parí, torí ọ̀sẹ̀ kan ti kọjá, wọ́n sì máa ń fẹ́ gbọ́ kíákíá. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, nọ́ńbà mọ́tò, orúkọ ẹni tó fara pa àti ọsibítù tó wà. Ẹ so ẹ̀dà láísẹ́ǹsì ọmọ yẹn mọ́ ọn. Tí kò bá ní láísẹ́ǹsì, tàbí tí ọjọ́ láísẹ́ǹsì náà ti kọjá, ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ di mú. Ẹ so rìpọ́ọ̀tù ọlọ́pàá àti fọ́tò mọ́ ọn. Èrò mélòó ló wà nínú kẹ̀kẹ́? Ẹ kọ iye tó jẹ́, ẹ má ṣe dín in kù, torí àwọn èrò yòókù wà láyé, wọ́n á sì sọ̀rọ̀. Ẹ mú ẹ̀dà lẹ́tà lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, kí ẹ sì gbé e padà wálé.

Tí iléeṣẹ́ bá wá sọ pé àwọn ò ní san ti mọ́tò tàbí ti ẹsẹ̀, ẹ má gba ti fóònù. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí wọ́n sì dárúkọ ìlà tó yọ ọ́ nínú àdéhùn. Ìwé yẹn ni ẹ máa fi ránṣẹ́ sí NAICOM, tó ń gba ẹ̀sùn lórí àwọn iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì. Bẹ́ẹ̀ sì ni kí ẹ bá onímọ́tò sọ̀rọ̀ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kó fún yín láàyè títí èsì á fi dé, kó má lọ gba owó rẹ̀ ní tẹ́ṣàn.